Owó Ọjọ́ Kìíní, Ti Alájọ Ni

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kórìíra ọ́fíìsì yẹn kí èmi alára tó kórìíra rẹ̀. Òkè pátápátá ni wọ́n wà, nínú ilé alájà mẹ́ta kan lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga bí ẹni pé àwọn tó kọ́ ọ kò ní ìyá nílé. Bí mo bá gùn ún dókè, àfi kí n di ògiri mú ná kí n tó lè kí ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà á gbójú sókè, á ní, "Ìyá, ẹ tún ti dé?" Mo tún ti dé. Ṣé owó èèyàn á wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kéèyàn jókòó sílé?

Bàṣírátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Mísbáù ni gbogbo Bọ́ládé ń pè mí. Abọ́ tánganran ni mo ń tà, àti kúùlà, àti ife onílà búlúù tí àwọn ìyàwó ń kó lọ sílé ọkọ. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Nígbà tí owó epo wá dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údójì tí wọ́n fi kún owó oṣù wọn, tí gbogbo èèyàn ń gbé sítẹ́ríò wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun, lánlọ́ọ̀dù mi, Alhaji Súbérù, rí i pé ẹni tó ń ta sítẹ́ríò lè san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí èmi ń san. Ire-Akari ló ń gbé. Ó ránṣẹ́ pè mí wá síbẹ̀, ó fún mi ní kóòkì, ó wá sọ̀rọ̀.

"Ìyá Mísbáù, mi ò lé yín o. Ẹ ṣáà san owó ọdún méjì sílẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí ẹ máa jókòó yín lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin kan ti kó owó dání."

Mo mu kóòkì mi tán. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ara mi balẹ̀, nítorí mo lówó lọ́wọ́ Gàfárù.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Gàfárù bíi tèmi. Agboolé wọn àti tiwa dojú kọra, ìyá rẹ̀ ló sì dirun fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ó lé lọ́dún kan ṣáájú ìgbà tí mò ń wí yìí ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó so táì mọ́rùn, òógùn ń ṣàn wọ inú kọ́là rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni mò ń ṣe báyìí o." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà mọ àjọ? Àjọ náà ni. Ṣùgbọ́n èyí, alájọ ò lè gbé e sá lọ. Iléeṣẹ́ ńlá ló ni ín."

Ta ni kò mọ àjọ? Ojoojúmọ́ lèèyàn ń dá a. Alájọ á wá bá ọ nídìí ọjà rẹ, á gba owó, á fàmì sí káàdì. Owó ọjọ́ kìíní nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, ti alájọ ni, owó ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá a du ú. Èyí tó kù, tìrẹ ni. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, wàá gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gàfárù ṣe ń wá nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, tí mò ń fún un ní àádọ́ta kọ́bọ̀. Bí oṣù bá parí, á kó o lọ sí ọ́fíìsì, á mú rìsíìtì wá fún mi. Mo ní àjọ yìí mà gbajúmọ̀ o, ó ní rìsíìtì.

Lóòótọ́, ó ti ní kí n tẹ àtàńpàkò sí ìwé kan níbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró sí mi lórí lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ti ń kanra. Mo ní, "Gàfárù, kí ló wà nínú rẹ̀?" Ó ní, "Orúkọ yín àti ọjọ́ orí yín ni, Àǹtí." Mo bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fi ìwé mìíràn ránṣẹ́, ó nípọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí i. Ó wù mí. Mo kó o sí ìsàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ aṣọ òfì mi.

Bí mo ṣe ti Ire-Akari dé, mo ní kí Gàfárù kó owó mi wá. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í họrí.

"Àǹtí, owó yẹn ò tíì tó gbà."

"Ìgbà wo ló máa tó?"

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. A sì ti lo ọdún kan àtààbọ̀ nínú ẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ wo dáadáa tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kú kó tó pé, àwọn ọmọ yín á gba gbogbo owó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà pérépéré."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo ní, "Gàfárù! Òkú mi lò ń dá àjọ fún?"

Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń yọrí wò mí. Mo bú u, mo bú táì ọrùn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n bú ìyá rẹ̀, mo rántí irun tó dì fún mi, mo pa ẹnu mi mọ́.

Mo lọ bá Bàbá Akínbọ̀wálé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá èèyàn kọ lẹ́tà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo rò ó fún un, ó kọ ọ́, ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: wọ́n ta ìnṣọ́ránsì fún mi lórúkọ àjọ, mi ò béèrè ìnṣọ́ránsì, kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n dá gbogbo owó mi padà. Èmi fúnra mi ni mo gbé lẹ́tà náà gun àtẹ̀gùn.

Máníjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń dun èèyàn. Bó bá jẹ́ aláfojúdi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá fi bá a wí. Ó fún mi ní àga, ó ka lẹ́tà náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá, irú ìnṣọ́ránsì tí ẹ ṣe yìí, bí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, kò sí nǹkan tí a lè dá padà fún ẹni tó bá fi í sílẹ̀. Bó ṣe wà nínú àdéhùn nìyẹn. Bí ẹ bá dá a dúró lónìí, ohun tí ẹ ti san ti wọgbó."

"Ta la jọ ṣàdéhùn?"

Ó yí ìwé kan sí mi. Àtàńpàkò mi rèé lóòótọ́, dúdú, ó tóbi. Ó ní òun á fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí olú-iléeṣẹ́ ní Èkó, torí òun ò láṣẹ láti dá owó padà. Mo dúpẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, èsì ti dé. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní mo ti tẹ̀ka, wọ́n ní ìwé wọn ti wà lọ́wọ́ mi ó lé lọ́dún kan, mi ò sì sọ pé òun kọ́ ni mo fẹ́. Mo ní ta ló kà á fún mi? Máníjà ní kí n má bínú. Àárẹ̀ ti mú mi ju kí n bínú lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe ń sọ̀ lọ, àwọn èèyàn ń ré mi kọjá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo lọ, oṣù tí Alhaji Súbérù dá fún mi ti ń lọ sópin. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá lọ lọ́jọ́ náà, kò sí agbára ariwo mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Máníjà fò dìde, ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti bí irú mi." Mo ní mi ò dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù mi ń lọ. Mi ò ní kí ẹ fún mi ní ohun tí kì í ṣe tèmi. Ẹ yọ owó ọjọ́ kìíní kúrò nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún Gàfárù. Ti alájọ ni. Bí mo ti ń bá a jà tó yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn lásán. Ẹ ṣáà fún mi ní ìyókù."

Ó ti ń na ọwọ́ láti gbé mi dìde. Ọwọ́ náà dúró.

"Owó ọjọ́ kìíní wo, Ìyá?"

"Èyí tí alájọ ń mú."

"Lẹ́tà yín sọ pé gbogbo owó yín ni ẹ fẹ́."

"Gbogbo owó mi náà ni mo wí. Ti ọjọ́ kìíní, ṣé owó tèmi nìyẹn?"

Ó lọ jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní ìyá òun náà dá àjọ ní Ìlá, àjọ yẹn ló fi rán òun níwèé. Ó ní, "Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì lòun ṣe tó lè ronú kan irú èyí." Ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀ kó lọ pe Gàfárù wá láti yàrá kejì.

Gàfárù wọlé, ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Máníjà ní, "Kí lo sọ fún wọn pé wọ́n ń ṣe?"

"Àjọ, sà."

"Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ilẹ̀ ló dojú kọ tó fi dáhùn. "Sà, ẹ̀yin náà ni. Ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ní bí a bá dárúkọ ìnṣọ́ránsì, àwọn ìyá ọjà ò ní dá wa lóhùn. Ẹ ní ká máa pè é ní àjọ, á tètè yé wọn. Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jọ ni, sà. Mo ta á fún ìyá mi."

Mo ní, "Ìyá ẹ ní Ìsẹ́yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí níbẹ̀, èmi tí mo wà lórí eékún nítorí rẹ̀. Máníjà ò ní irọ́ ni, kò ní òótọ́ ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi táì nù ún, ó nù ún títí ó fi kù díẹ̀ kó fọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Gàfárù dúró níta, ó sì fa ìwé kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ ti túra ká díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ọ̀nà ti wà. Bó bá jẹ́ aṣojú wa ló purọ́ fún oníbàárà, olú-iléeṣẹ́ lè fagi lé ìnṣọ́ránsì náà bí ẹni pé a ò ṣe é rí, kí wọ́n dá gbogbo owó padà. Wọ́n á gba owó làdá tí wọ́n ti fún Gàfárù lórí yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi á gbé e lọ sí Èkó lọ́la, owó yín á dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kàn bá mi tẹ àtàńpàkò síbí."

Ó ti ṣí páàdì yíǹkì. Ọlọ́run ló mọ̀, mo ti na ọwọ́. Mo ti ń rí Alhaji Súbérù tó ń ka owó, mo ti ń rí abọ́ mi lórí pẹpẹ.

Mo ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Ohun tí a jọ sọ náà ni, Ìyá."

Orúkọ yín àti ọjọ́ orí yín ni, Àǹtí. Ohùn kan náà tí Gàfárù fi dá mi lóhùn lọ́jọ́sí ni. Mo ní kó kà á fún mi, gbogbo rẹ̀, ní Yorùbá. Ó kà á. Ìwé náà ní Gàfárù, láti inú orí ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ló fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá, ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun."

"Ìyá, ohun tó bá yín sọ ní ọjà la ń wí. Ìyókù ò kàn yín."

"Ó kàn mí bí àtàńpàkò mi bá máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, ẹ ò sì ní irọ́ ni. Màá tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ó ní òun ò lè kọ ìyẹn. Ó ní òun náà lọ́mọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe ń sọ gbogbo nǹkan. Ó ní kí n rántí ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹni pé mo gbàgbé! Mo dìde kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, orúnkún mi ń dún. Mo ní mò ń kírun, mi ò lè jẹ́rìí èké sórí ọmọ ọlọ́mọ nítorí abọ́.

Gàfárù sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Àǹtí, ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á lé mi lọ́nàkọnà."

"Kí wọ́n lé ọ. Àtàńpàkò tèmi kọ́ ni wọ́n máa fi lé ọ. Má sì rò pé mo ti dárí jì ọ́ o, ọlọ́ṣà ni ọ́! Di ọwọ́ mi mú, àtẹ̀gùn yìí fẹ́ pa mí."

Bàbá Akínbọ̀wálé ló sọ fún wa pé ìjọba ní ọ́fíìsì kan ní Èkó tó ń bójú tó àwọn oníléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ó kọ lẹ́tà mìíràn. Gàfárù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé, kò fi ọ̀kan pamọ́. Àwa méjèèjì la jọ gbé e lọ. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n ní ká máa lọ, àwọn á kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Mo béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ọkùnrin náà fi ìka han òkìtì fáìlì tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Oṣù parí. Mo bẹ Alhaji Súbérù títí. Òun náà bẹ̀ mí. Mo kó abọ́ mi jáde ní ọjọ́ Àìkú, kí àwọn oníbàárà má baà rí mi. Ẹni tó ń ta sítẹ́ríò bá mi gbé pẹpẹ, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí ibẹ̀ ṣófo, mo rí i pé ògiri kò pọ́n níbi tí mo máa ń fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn mi ti nù ún funfun. Mo sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì ṣépè fún ìnṣọ́ránsì.

Ìgbà tí òjò ti dá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Bàbá Akínbọ̀wálé kà á: wọ́n ti fagi lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo owó mi pátá rèé, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ẹ̀ka wọn kí wọ́n má ṣe pe ìnṣọ́ránsì ní àjọ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n fi san án, wọ́n fa ìlà méjì sí i lórí. Ní báńkì, wọ́n ní ìlà méjì yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lè kó owó lé mi lọ́wọ́, àfi kí n kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì. Mo ṣí i. Mo dúró dè é. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Nígbà tí owó jáde, mo yọ ti ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo dì í sínú aṣọ, mo lọ sílé Gàfárù ní Òkè-Àfà. Wọ́n ti lé e níṣẹ́ tipẹ́. Ó jókòó níta ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Mo gbé e lé e lórí itan.

"Kí nìyí, Àǹtí?"

"Ẹ̀tọ́ rẹ. Ti alájọ."

Ó tú u, ó rí i, ó ń mi orí, ó ní òun ò lè gbà á, òun tí òun ba ayé mi jẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ kí n gbé e padà, èpè ni màá ṣẹ́ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ẹ gbà á." Ó gbà á. Mo wá ní, "O mọ̀ ọ́n rìn, o kì í pa ọjọ́ jẹ, o kò sì jí kọ́bọ̀ mi kan rí, gbogbo rẹ̀ lo ń san fún àwọn ọ̀gá rẹ. Ra káàdì. Àjọ gidi ni kí o máa gbà."

Ó wò mí. "Ta ló máa gbé owó lé mi lọ́wọ́ ní Bọ́ládé, Àǹtí, lẹ́yìn gbogbo èyí?"

"Ẹni tí o jẹ ní gbèsè ṣọ́ọ̀bù," ni mo wí.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù sítẹ́ríò náà ni mò ń pàtẹ sí báyìí, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí táńpólì. Gàfárù máa ń kọjá nírọ̀lẹ́ láìsí táì. Àwọn obìnrin tí wọ́n gbọ́ pé mo kọ̀ láti jẹ́rìí èké mọ́ ọn ti ń fún un, torí wọ́n ní bó bá jẹ́ olè ni, Ìyá Mísbáù ì bá ti sọ. Mo máa ń kọ́kọ́ bú u ná kí n tó fún un ní tèmi. Ó ti mọ̀, ó ń dúró gba èébú rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, ó máa ń mú tirẹ̀ lójú mi.

Wọ́n ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ní rárá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú, tí mo ní láti da gbogbo abọ́ dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń sá lọ fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé tó jẹ́ tèmi rí, ẹ má bi mí nígbà yẹn. Ẹ bá mi kó abọ́.